Ọ̀kan fẹ́ òde, èkejì fẹ́ ilé: ìbéèrè àti ìdáhùn fún tọkọtaya

Iṣẹ́ mi ní Ilé-Ifẹ̀ ni kí n máa jókòó ti tọkọtaya tí ọ̀rọ̀ wọn kò wọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá kì í ju ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé lọ: òde wo la máa lọ, ìgbà wo la máa kúrò níbẹ̀, ta ló mú àlejò wálé láìsọ fún ẹnìkejì. Ọ̀kan jẹ́ ọlọ́yàyà, èkejì jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, àwọn méjèèjì sì fẹ́ràn ara wọn. Àwọn ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lọ ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Ṣé ojú ló ń ti ẹni jẹ́jẹ́ ni, àbí ìgbéraga ló ń ṣe é?

Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹni tí ojú ń tì fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa rò nípa rẹ̀ ń bà á. Agbéraga ní tirẹ̀ gbà pé àwọn èèyàn náà kò tó òun. Ẹni jẹ́jẹ́ lè dìde níwájú ìjọ kí ó sọ̀rọ̀ láìgbọ̀n, kí ó sì fẹ́ràn àwọn ará ibẹ̀ dénúdénú, síbẹ̀ tí èrò bá pọ̀ tí ariwo sì pẹ́, ó máa ń tètè fẹ́ kúrò níbẹ̀ kí ó lọ dá wà díẹ̀.

Carl Jung, oníṣègùn ọpọlọ ará Switsalandi, ló sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọlọ́yàyà àti ẹni jẹ́jẹ́ di ohun tí gbogbo ayé ń sọ ní 1921. Nígbà tó di 1967, Hans Eysenck, olùwádìí ìwà ẹ̀dá ní Lọ́ńdọ̀nù, dá a lábàá pé ọpọlọ ẹni jẹ́jẹ́ tètè máa ń ta jí, ìyẹn ni pé ariwo kékeré ti tó o, àmọ́ ti ọlọ́yàyà ń fẹ́ púpọ̀ sí i. Àwọn olùwádìí tó tẹ̀lé e ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà díjú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó dá wọn lójú ni pé ìwà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́: àárín méjèèjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn wà.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ìyàwó tó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ ló ń jìyà ọ̀rọ̀ yìí jù. Wọ́n á ní kì í yá mọ́ èèyàn. Ohun tí mo máa ń sọ fún irú wọn ni pé kí wọ́n ya kíkí sọ́tọ̀ kúrò lára pípẹ́. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí àwọn àgbà dáadáa, ẹ bèèrè ọmọ àti iṣẹ́. Ìyẹn kò ju ìṣẹ́jú 5 lọ, òun sì ni àwọn èèyàn máa ń rántí. Kò sẹ́ni tó ń ka wákàtí tí ẹ fi jókòó lẹ́yìn náà.

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó jó lóde. Bí a ṣe délé, ìbínú. Kí ni mo ṣe?

Ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ pé ẹ ṣe nǹkan kan. Ní 2017, àwọn olùwádìí kan ní Fínlándì tẹjáde ìwádìí tí wọ́n ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa jábọ̀ bí ara wọn ṣe rí lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́. Wọ́n rí i pé tí èèyàn bá ti bá ẹlòmíì ṣeré, tó sọ̀rọ̀, tó yọ̀, inú rẹ̀ máa ń dùn lójú ẹsẹ̀, àmọ́ tó bá tó nǹkan bíi wákàtí 3 lẹ́yìn náà, àárẹ̀ á mú un. Kì í sì í ṣe àwọn ẹni jẹ́jẹ́ nìkan ló rẹ̀, ó rẹ ọlọ́yàyà náà.

Ẹ wá fi wákàtí 3 yẹn sórí òde tiwa. Ẹ dé gbọ̀ngàn ní aago 12, ẹ gbádùn ara yín, aago 4 tàbí 5 lẹ̀ ń wọ mọ́tò. Àkókò tí àárẹ̀ dé gan-an ni ọlọ́yàyà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn: ẹ wo aṣọ tí lágbájá wọ̀, ẹ gbọ́ ohun tí alága sọ. Ẹnìkejì dákẹ́, tàbí ó dáhùn ṣókí. Ọlọ́yàyà gbà á sí pé inú ń bí i, ó bi í ní “kí ló dé?” lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà ẹ̀ẹ̀kẹta, inú ti wá bí i lóòótọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ òfin láàárín ẹ̀yin méjèèjì pé a kì í bèèrè “kí ló dé” láti ìgbà tí a bá ti kúrò lóde títí di ìgbà tí ẹni tó rẹ̀ bá wẹ̀, tó sì ti dá jókòó fún wákàtí kan. Ìtàn òde kò ní bàjẹ́ tó bá di alẹ́. Àmọ́ gbèsè kan wà lọ́rùn ẹni jẹ́jẹ́ náà: nígbà tí wákàtí yẹn bá pé, òun ni kó jáde wá bèèrè pé, “Ó yá, ta ni ẹ rí níbẹ̀?” Tí kò bá bèèrè, ọlọ́yàyà á dá nìkan wà nínú ilé tirẹ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ ìyà. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti pa ìdajì òfin yìí mọ́, ìdajì tó ń tu ẹni jẹ́jẹ́ lára, tí wọ́n gbàgbé ìdajì kejì. Kò pẹ́ tí ọkọ fi ń pẹ́ sí ilé ọ̀rẹ́ nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Ṣé tí ẹni jẹ́jẹ́ bá ń fi agídí ṣe bí ọlọ́yàyà, kò ní mọ́ ọn lára?

Díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Lójoojúmọ́, rárá. Ní 2019, àwọn olùwádìí kan ní Ọsirélíà ní kí àwọn èèyàn máa ṣe bí ọlọ́yàyà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Inú ọ̀pọ̀ wọn dùn sí i. Àmọ́ àwọn tó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ látilẹ̀ kò rí èrè náà tó bẹ́ẹ̀, ó rẹ̀ wọ́n jù, wọ́n sì ní kò jọ pé àwọn ni àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni jẹ́jẹ́ lè gbé ọ̀yàyà wọ̀ fún nǹkan tó ṣe pàtàkì sí i, bí ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni kí a ní kó má bọ́ ọ mọ́.

Báwo gan-an ni a ṣe máa pín òde? Ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ.

Ẹ jẹ́ kí n lo ti tọkọtaya kan ní Paràkín, ní Ifẹ̀ níhìn-ín. Wọ́n gbà kí n sọ ọ́, mo sì ti yí ohun tó lè mú kí ẹ dá wọn mọ̀ padà. Ọkọ ń ta páànù ní Lágéré, ọlọ́yàyà ni, oníbàárà rẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pè é sóde. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó. Ohun tí ọkọ kò kà sí rí ni pé ìyàwó rẹ̀ ti bá èèyàn sọ̀rọ̀ láti Mọ́ńdè dé Fráìdé: aláìsàn, ẹbí aláìsàn, dókítà. Kí Sátidé tó dé, ó ti tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọkọ tó ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán tí ọjà kò yá ló ń wá èèyàn kiri.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú ni “lọ kan, fi kan sílẹ̀”. Kò ṣiṣẹ́, nítorí òde kò dọ́gba. Tí ó bá bọ́ sí i pé kí wọ́n lọ ìṣílé ọ̀rẹ́, kí wọ́n sì fi ìsìnkú ẹbí sílẹ̀, ìjà gidi ni.

A wá jókòó sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kan, a kọ gbogbo ìwé ìpè tó wà nílẹ̀. Wọ́n jẹ́ 6: ìsìnkú àbúrò bàbá ọkọ ní Ilésà, ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá ìyàwó, ìkómọ ní àdúgbò, ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ ti ọkọ, ọjọ́ ìbí 60 ọdún oníbàárà kan, àti ìṣílé. Ìbéèrè kan ṣoṣo la bi ara wa lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: tí ọ̀kan nínú yín kò bá sí níbẹ̀, ta ló máa dùn, ṣé ó sì máa dùn ún di ọdún tó ń bọ̀? Ìsìnkú àti ìgbéyàwó nìkan ni wọ́n dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí. Àwọn méjèèjì á lọ síbẹ̀. Ìyàwó ló lọ ìkómọ, torí òwúrọ̀ ni, kì í sì í pẹ́, ìyá ọmọ náà sì jẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Ọkọ nìkan lọ ìpàdé ẹgbẹ́ àti ọjọ́ ìbí. Ẹnikẹ́ni kò lọ ìṣílé: ọkọ pè wọ́n lórí fóònù, ó fi owó ránṣẹ́.

Ìyẹn rọrùn. Ìsìnkú ló le, nítorí ìsìnkú ọ̀kan ṣoṣo lórúkọ, òde mẹ́ta ni ní ti òótọ́: àìsùn ní alẹ́ Fráìdé, ìsìn àti àpèjẹ ní Sátidé, ìdúpẹ́ ní Sọ́ńdè. Tí ìyàwó bá fi gbogbo ara lọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Mọ́ńdè á bá a níbi iṣẹ́ láìsùn. Wọ́n pín in báyìí. Ọkọ dá lọ sí àìsùn. Ní Sátidé wọ́n jọ lọ sí ìsìn àti ibojì, nítorí ibẹ̀ ni ẹbí ti ń wo ẹni tó wá. Ní àpèjẹ, ìyàwó dúró títí wọ́n fi jẹun tí wọ́n sì pe ìdílé jáde láti jó, ó ná owó fún àwọn ìyá àgbà, lẹ́yìn náà ó lọ. Ọkọ dúró di alẹ́. Ní Sọ́ńdè wọ́n jọ lọ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó sì ti ibẹ̀ padà sílé láìdé ibi tí wọ́n ti ń jẹun.

Ó dára lẹ́nu. Kí ló máa ń bà á jẹ́?

Mọ́tò. Mọ́tò kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya ní, ẹni tó sì wà nídìí ọkọ̀ ló ń pinnu ìgbà tí òde parí. Nígbà àkọ́kọ́ tí àwọn ará Paràkín yìí gbìyànjú àdéhùn wọn, aago 3 ni wọ́n fi àdéhùn sí. Aago 3 lù, alága pe ọkọ sórí àga, aago 5 ni ó rántí. Kò purọ́, kò sì kórìíra aya rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn, àkókò kò sì sí lọ́kàn ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn. Láti ìgbà náà ni a ti mú “ìgbà tí a máa jọ lọ” kúrò nínú àdéhùn. Ìyàwó ń mú owó ọkọ̀ tirẹ̀ dání, ó sì ti mọ ibi tí á ti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí ọkọ̀ Ifẹ̀ kí ó tó kúrò nílé. Kò dúró de ẹnikẹ́ni, ọkọ náà kò sì ní láti máa wo aago.

Ohun kejì ni dídágbére. Ẹni tó yọ́ kúrò lóde ni wọ́n ń bínú sí, kì í ṣe ẹni tó tètè lọ. Kí ẹni jẹ́jẹ́ lọ bá olókùú tàbí ìyá ìyàwó gan-an, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ máa lọ, wọ́n ṣì wà níhìn-ín láti ṣojú wa.” Gbólóhùn yẹn, kí ọkọ tàbí aya wà níbẹ̀ nígbà tí ó ń sọ ọ́, kó jẹ́ pé wọ́n rí i pé ẹnu wọn kò.

Àti àga. Ẹ má jókòó sẹ́bàá sípíkà. Ẹ dé ní kùtùkùtù, ẹ wá tábìlì tó jìnnà sí àwọn olórin, tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni jẹ́jẹ́ lè bá èèyàn méjì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan kó gbádùn rẹ̀ púpọ̀, ohun tí kò lè fara dà ni kó máa pariwo kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó gbọ́.

Tó bá jẹ́ ìyàwó ilé ni ní ìnáwó ẹbí, kó béèrè iṣẹ́. Mo ti rí i léraléra pé ẹni jẹ́jẹ́ tó ń ṣọ́ ibi tí wọ́n kó ọtí sí, tàbí tó ń kọ orúkọ ẹni tó gba ẹ̀bùn, máa ń pẹ́ ju ẹni tí wọ́n fi sórí àga kó máa rẹ́rìn-ín sí àjèjì. Àwọn ẹbí rí i, wọ́n sì ń yìn ín pé ó ṣiṣẹ́.

Èmi obìnrin ni mo jẹ́ ọlọ́yàyà. Tí mo bá ń dá lọ òde, kí ni wọ́n máa sọ?

Wọ́n á sọ ọ́. Ọkùnrin tó dá wá sí òde, wọ́n á ní ìyàwó rẹ̀ ń bá ọmọ jókòó. Obìnrin tó dá wá, wọ́n á bèèrè ẹni tó ń gbé e kiri. Kò tọ́, síbẹ̀ ilé ẹ̀yin méjèèjì ni ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá já sí, nítorí náà ẹ jọ múra sílẹ̀ fún un.

Ọkọ tó jẹ́ jẹ́jẹ́ lè ṣe púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 20. Kó wọ aṣọ ẹbí náà, kó gbé yín dé ẹnu ọ̀nà, kó wọlé kí olóde àti àwọn àgbà, kó ya fọ́tò kan, kó sì máa lọ. Gbogbo ènìyàn ti rí i pé ọkọ yín ló gbé yín wá, ó sì mọ ibi tí ẹ wà. Tí kò bá lè wá rárá, kó lọ kí olóde nílé rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, nígbà tí ilé ṣì dákẹ́. Àwọn ẹni jẹ́jẹ́ fẹ́ràn ọ̀nà yìí, àwọn àgbà sì máa ń kà á sí ọ̀wọ̀ tó ju jíjókòó sínú èrò lọ.

Kí ọkọ náà má sì ṣe jẹ́ kí ẹ padà dé bá ojú kíkorò. Tí ó bá gbà pé kí ẹ lọ, kó gbà á tán.

Ọkọ mi máa ń kó àlejò wálé láìsọ. Kí ni mo lè ṣe nínú ilé tí a kì í ti àlejò padà?

Ẹ kò ní ti ẹnikẹ́ni padà. Ohun tí ẹ máa bèèrè ni ìpè kan ṣáájú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 30 ni. Kì í ṣe nítorí oúnjẹ nìkan. Ẹni jẹ́jẹ́ tó mọ̀ pé àlejò ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra ọkàn rẹ̀, èyí tí wọ́n kàn bá lórí àga kò rí àyè ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ jọ pinnu ìwọ̀n. Ẹ jáde, ẹ kí wọn, ẹ gbé omi wá, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó wọlé. Láti ìgbà náà, ọkọ ni yóò máa gbé ìgò àti àwo fúnra rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pè yín látinú yàrá pé, “Ẹ wá bá wa ṣeré.” Tí wọ́n bá bèèrè, kó dáhùn pé, “Ó ti kí yín, ó lọ sinmi.” Kó má fi kún un. Ọkọ tó bá ń tọrọ àforíjì fún ìyàwó rẹ̀ níwájú ọ̀rẹ́ ti sọ fún wọn pé ó ṣẹ̀.

Ìyá ọkọ kò sí lára àwọn tí à ń sọ yìí. Tí wọ́n bá dé, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì bèèrè ìsinmi yín lọ́jọ́ kejì.

Tí a bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ òde yìí, mo ń sọ̀rọ̀, ẹnìkejì mi ń dákẹ́. Mo tún sọ, ó wọ yàrá. Kí ló dé?

Olùwádìí Andrew Christensen àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà kọ nípa ìlànà yìí ní 1990: ẹni tó fẹ́ kí nǹkan yí padà á máa lépa, ẹni tí ibi tí nǹkan wà tẹ́ lọ́rùn á máa sá. Bí ọ̀kan ṣe ń lépa tó ni èkejì ń sá tó, kò sì sí ẹni tó rí i pé òun náà ń dá kún un.

Ẹ má dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ ti òde dé. Ẹ dá ọjọ́ fún un. Kí ẹni tó fẹ́ dákẹ́ sọ ìgbà tí yóò padà wá: “Mo gbọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ sinmi díẹ̀, a ó sọ ọ́ ní aago 8.” Ó kéré tán kí ó gba ìṣẹ́jú 20 kí ara tó gbóná tó rọlẹ̀. Tí aago 8 bá lù, òun ni kó wá. Ìdákẹ́jẹ́ tí kò ní aago nínú ni ẹnìkejì ń gbà sí ìkórìíra.

Ìgbà wo ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà mọ́?

Ẹni jẹ́jẹ́ ń gbádùn ohun tó ń ṣe nígbà tó bá dá wà: ìwé rẹ̀, ọgbà rẹ̀, bọ́ọ̀lù rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Tí ó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyẹn náà kò wù ú mọ́, tí oorun tàbí oúnjẹ yí padà, tí ó ń sọ pé òun kò wúlò, ẹ gbé e lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ní Ifẹ̀ níhìn-ín. Àwọn ará Ilésà lè bẹ̀rẹ̀ láti Wesley Guild, tó jẹ́ ara ilé ìwòsàn kan náà. Tí ẹ bá gbọ́ pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ, ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí: ẹni jẹ́jẹ́ tòótọ́ fẹ́ jókòó sílé fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní kí *ẹ̀yin* má lọ kí ìyá yín, tó ń yẹ fóònù yín wò, tó ń lé ọ̀rẹ́ yín lọ, ń ṣe ohun mìíràn. Àdéhùn òde kò lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ sọ fún ẹbí tàbí ẹni tí ẹ fọkàn tán.

Ọdún Ọlọ́jọ́ ń bọ̀. Ilé wa máa kún fún ìbátan láti Èkó. Báwo ni ẹni jẹ́jẹ́ ṣe máa là á já?

Ọjọ́ mélòó kan ni, nítorí náà ẹ má retí pé ìsinmi alẹ́ kan á tó. Kí àlejò tó dé, ẹ yan yàrá kan tí a kò ní tẹ́ ẹní sí, bó bá tilẹ̀ jẹ́ yàrá tí ẹ ń sùn ni, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé a kì í já wọ ibẹ̀. Kí ọlọ́yàyà gba iṣẹ́ Ẹnuwá níwájú ààfin: òun ni kó kó àwọn àlejò lọ wo Ọọ̀ni nígbà tí wọ́n bá dé Adé Àrẹ. Bí gbogbo wọn bá ti jáde báyẹn, ilé á dákẹ́ fún wákàtí mélòó kan, ẹni jẹ́jẹ́ sì lè fi àkókò yẹn sùn, tàbí kó gbé ọbẹ̀ kaná ní òun nìkan. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọmọ kankan sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà.